Ó Wà Níbi Ìpamọ́, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Ṣeé Dá Padà?

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017, ẹnjiníà kan nílé-iṣẹ́ GitLab tẹ àṣẹ kan sórí kọ̀ǹpútà pé kó pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà kan rẹ́. Orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní db2 ló rò pé òun wà. Orí db1 ló wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà ń gbé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ tí ara fi fu ú, ó sì sáré dá àṣẹ náà dúró, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nínú nǹkan bíi 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló ṣẹ́kù.

GitLab ni ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià káàkiri àgbáyé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jíròrò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn kan ti ń da ìsọkúsọ sórí ìkànnì náà, iṣẹ́ wá pọ̀ jù fún dátábéèsì, db2 tó yẹ kó máa ṣe àdàkọ db1 ní gbogbo ìgbà sì ti já sẹ́yìn. Ohun tí ẹnjiníà náà ń tún ṣe nìyẹn nígbà tó ti yẹ kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣì báyẹn. Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà àfipamọ́, èyí tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní bákọ́ọ̀pù. Kódà, ọ̀nà bíi márùn-ún ni wọ́n ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn fúnra wọn ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé nínú ọ̀nà márààrún, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n wò. Èyí tí wọ́n gbójú lé jù ni ẹ̀dà tí `pg_dump` ń ṣe. Iṣẹ́ `pg_dump` ni kó ka gbogbo ohun tó wà nínú dátábéèsì PostgreSQL, kó sì kọ ọ́ sínú fáìlì tí a lè gbé lọ síbòmíràn. Ojoojúmọ́ ni ètò kan ń pè é, tó sì yẹ kó máa kó fáìlì náà lọ sí S3, ibi ìkóhunsí tí ilé-iṣẹ́ Amazon ń yá àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òfìfo ni wọ́n bá. Ohun tó fà á kéré débi pé ó ń dunni: dátábéèsì wọn jẹ́ ẹ̀yà 9.6, ṣùgbọ́n ẹ̀yà 9.2 ni `pg_dump` tí ètò náà ń pè. Ẹ̀yà àtijọ́ kì í gbà láti ka dátábéèsì tó jẹ́ tuntun jù ú lọ. Yóò kọ̀, yóò sì jáde. Fódà dátábéèsì ni ètò náà máa ń wò láti mọ ẹ̀yà tó yẹ kó lò, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà tí kò ní dátábéèsì nínú rárá ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò rí nǹkan kan wò, ó ń mú 9.2.

Ṣé kò wá sí ìkìlọ̀ ni? Ìkìlọ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà bá kùnà ni `cron`, ètò tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lásìkò, ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Àmọ́ àwọn ímeèlì náà kò ní àmì ìfọwọ́sí tí ìlànà DMARC ń béèrè kí a tó gbà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ pé òun fi wọ́n ránṣẹ́ ni wọ́n ti wá lóòótọ́. Níbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà kò sí lẹ́tà ìkùnà kankan tó dé ojú ẹnjiníà, gbogbo wọn sì ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí àlàáfíà.

Ọ̀nà mìíràn ni àwòrán dísìkì tí Azure, ìyẹn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Microsoft ń yá èèyàn, lè máa yà. Wọ́n ti tan èyí fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì, ṣùgbọ́n wọn kò tan án fún ti dátábéèsì, torí wọ́n gbà pé àwọn ọ̀nà yòókù ti tó. Db2 ńkọ́? Òun gan-an ló bàjẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe. Bí kò bá tilẹ̀ bàjẹ́, àdàkọ tó ń tẹ̀ lé ojúlówó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kò lè gba ẹni tó pa nǹkan rẹ́ nínú ojúlówó, nítorí bí a bá ti pa ìlà kan rẹ́ níbí, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo tó gbà wọ́n là jẹ́ oríire. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ẹnjiníà kan náà yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán dísìkì db1 nítorí iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ dán wò, ó sì ti kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà ìdánrawò. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán tó ń ya ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọn ì bá padà sí. Láti orí kọ̀ǹpútà ìdánrawò náà ni wọ́n ti kó dátà padà sí db1. Dísìkì tó lọ́ra, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà ìdánrawò, nítorí náà ìkópadà yẹn gbà tó wákàtí 18. Nígbà tí ìkànnì ṣí, gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà kọ láàárín wákàtí mẹ́fà tó kẹ́yìn ti lọ: nǹkan bíi iṣẹ́ 5,000, ọ̀rọ̀ ìjíròrò 5,000 àti àkáǹtì tuntun 700. Kóòdù tí àwọn èèyàn kó síbẹ̀ kò sọnù, nítorí kọ̀ǹpútà mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀.

Irú oríire bẹ́ẹ̀ ti gba àwọn mìíràn là rí. Lọ́dún 1998, nílé-iṣẹ́ Pixar ní Kalifọ́níà, àṣẹ ìparẹ́ kan jẹ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú fíìmù *Toy Story 2* tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dà àfipamọ́ wọn kò dáa. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé rẹ̀ ni wọ́n ti rí fíìmù náà kó padà.

Nígbà tí GitLab kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan láìfi bò: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi máa ń dán ìdápadà wò? Ìdáhùn wọn kúrú. Kò sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ètò ń ṣe ẹ̀dà, S3 ń gba ẹ̀dà, `cron` ń kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá kan tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti mú ẹ̀dà náà, kó tú u sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo 9.6, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni ì bá ti mọ̀, torí kò ní rí fáìlì tó fẹ́ tú.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń dán an wò dáadáa? Kò di ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ ká mú un bíi pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 840. Owó ìfipamọ́ oṣooṣù, ẹ̀yáwó, àwọn onídùúró, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú dátábéèsì PostgreSQL kan lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ti bá wọn ṣètò pé kí ẹ̀dà máa lọ síbi ìkóhunsí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá alẹ́. Àṣẹ tó kọ rèé:

```
pg_dump alajeseku | gzip > eda.sql.gz
```

Ìlà yìí wọ́pọ̀ gan-an, ewu sì wà nínú rẹ̀. `pg_dump` ń ka dátábéèsì, ó sì ń gbé e fún `gzip`, tó ń fún un pọ̀ kó má gba àyè. Bí `pg_dump` bá kùnà, bóyá nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, `gzip` kò ní mọ̀. Òfìfo ni yóò gbà, yóò fún òfìfo náà pọ̀, yóò sì kéde pé iṣẹ́ òun yọrí. Fáìlì tó máa jáde jẹ́ báìtì 20. Ó ní orúkọ, ó ní ọjọ́, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Bí èèyàn bá tilẹ̀ fi `gzip -t` yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́, èsì tó máa rí ni pé kò sí àbùkù kankan, torí òfìfo tí a fún pọ̀ dáadáa ni lóòótọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí aláyẹ̀wò máa wò, kódà kó tó tú ohunkóhun, ni bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, kó sì fi í wé ti àná àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dátábéèsì tó ń dàgbà, ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣàdédé kéré.

Ohun tó sàn jù ni kí `pg_dump` kọ fáìlì náà fúnra rẹ̀, láìsí ọ̀pá kankan láàárín, kí ìkùnà rẹ̀ lè hàn sí ẹni tó pè é:

```
pg_dump -Fc -f eda.dump alajeseku
```

Ìdánwò gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé kọ̀ǹpútà mìíràn kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ní àyè tó pọ̀ tó ti tó, tí PostgreSQL orí rẹ̀ kò bá ti kéré sí ti ọ́fíìsì. Òfin kan ló wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ẹni tó ń ṣe ìdánwò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kò sì gbọ́dọ̀ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣètò rẹ̀ ní ohunkóhun. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ni yóò tẹ̀ lé. Ṣe ni kí wọ́n mú un bíi pé olè ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, ọmọkùnrin náà sì ti rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ti ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ibi ìkóhunsí lè jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà tí olè gbé nìkan ló wà. Bí wọ́n bá sì fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀dà pa kí ẹlòmíràn má bàa kà á, tí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà nínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ̀dà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa lè ṣí i títí ayé.

Ká sọ pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ aṣínà náà nínú àpótí irin akápò, wọ́n sì fa fáìlì náà sílẹ̀. Wọ́n á wá tú u:

```
createdb idanwo
pg_restore --exit-on-error -d idanwo eda.dump
```

Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín àṣẹ kejì, `--exit-on-error`, ṣe pàtàkì. Láìsí i, bí `pg_restore` bá kan ohun tí kò lè ṣe, yóò fò ó, yóò máa bá iṣẹ́ lọ, yóò sì sọ ní ìparí pé òun gbójú fo àṣìṣe mélòó kan. Ẹni tó ń kánjú kò ní ka ìlà yẹn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí à ń sọ yìí, ìdánwò àkọ́kọ́ á dúró síbì kan tó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn:

```
ERROR:  role "akapo" does not exist
```

Ohun tí èyí ń sọ ni pé dátábéèsì náà mọ ẹnìkan tó ń jẹ́ `akapo`, tó ní àṣẹ láti wo owó, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun yìí kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. `pg_dump` máa ń kó dátábéèsì kan àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ń lò ó wà lẹ́yìn òde dátábéèsì, kì í sì í bá a lọ. Àṣẹ mìíràn ló ń kó ìyẹn, òun ni `pg_dumpall --globals-only`, ó sì yẹ kí fáìlì tirẹ̀ máa bá ẹ̀dà rìn lálaalẹ́. Kì í ṣe ìṣòro tó le. Bí èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tó wá jẹ́ pé òru ọjọ́ tí ọ́fíìsì jóná ló kọ́kọ́ rí i, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pe fóònù ṣáá, yóò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìtúsílẹ̀ bá parí láìsí àṣìṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì lọ sílé. Wọ́n ti yára jù. Àìsí àṣìṣe kò sọ pé dátà pé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà oṣù tó kọjá ni wọ́n tú. Ó lè jẹ́ pé dátábéèsì àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ ni ètò náà ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Nítorí náà a ó bi dátábéèsì tuntun náà ní ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ìlà ìsanwó mélòó ló wà, èló ni àpapọ̀ owó rẹ̀, ọjọ́ wo sì ni ìsanwó tó kẹ́yìn?

```
SELECT count(*), sum(iye), max(ojo) FROM isanwo;
```

Kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà ní aago mọ́kànlá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ó yẹ kí ètò ti bi dátábéèsì ọ́fíìsì ní ìbéèrè kan náà, kó sì kọ ìdáhùn sínú fáìlì kékeré kan tó ń bá ẹ̀dà lọ. A ó wá fi méjèèjì wéra. Bí ọ́fíìsì bá sọ pé ìlà 41,216, tí ẹ̀dà náà sì sọ pé 41,216, tí àpapọ̀ owó bá dọ́gba dé kọ́bọ̀, tí ọjọ́ tó kẹ́yìn sì jẹ́ ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà, a ti ní ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Iye ìlà nìkan kò tó, nítorí ìlà lè pé kí owó inú rẹ̀ má pé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ló sì máa sọ fún ẹgbẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lónìí, iṣẹ́ wákàtí mélòó ni wọ́n máa tún kọ láti inú ìwé rìsíìtì. Ní ti GitLab, wákàtí mẹ́fà ni, wọn kò sì ní rìsíìtì kankan.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ó kan ojú èèyàn. A ó so ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò mọ́ dátábéèsì ìdánwò náà, a ó sì pe akápò kó wá jókòó sídìí rẹ̀. Kí ó ṣí ojú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó mọ̀ dáadáa: ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yáwó, ẹnìkan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan tó ti kúrò. Orúkọ wà, owó wà, gbèsè wà. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí fọ́tò wà, àpótí òfìfo ló máa rí, bákan náà níbi tó yẹ kí fọ́ọ̀mù tí onídùúró fọwọ́ sí wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́tò àti fọ́ọ̀mù kò sí nínú dátábéèsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú fódà kan lórí dísìkì ni wọ́n wà, orúkọ wọn nìkan ni dátábéèsì mọ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà fódà náà. Ìwé tó máa jẹ́rìí ní kóòtù bí ayánilówó àti onídùúró bá ń jiyàn ni wọn kò tọ́jú, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi wéra kò sì lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Akápò ló rí i, nítorí òun ló mọ bí ojú ìwé náà ṣe yẹ kó rí.

Kí wọ́n tó so ètò mọ́ ẹ̀dà ìdánwò, nǹkan kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé. Ẹ̀dà náà gbà pé òun ni ojúlówó. Bí ètò ẹgbẹ́ bá máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pé gbèsè ti tó san, ti ìdánwò náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ á sì gba ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá lórí gbèsè tó ti san ní àná. Ẹ yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ pa kọ́kọ́rọ́ tó fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ rẹ́. Nígbà tí ìdánwò bá sì parí, ẹ pa ẹ̀dà náà rẹ́ pátápátá. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó èèyàn 840 ló wà lórí kọ̀ǹpútà àlòkù yẹn, òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì kan ẹ̀dà ìdánwò bó ṣe kan ojúlówó.

Aago tún wà níbẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí aláyẹ̀wò bá ṣí ìwé ìlànà títí di ìgbà tí akápò bá sọ pé ojú ìwé náà pé, ó yẹ kí ẹnìkan máa kọ àkókò sílẹ̀. Bí ẹ̀dà àti fọ́tò pa pọ̀ bá jẹ́ gígábáìtì mẹ́fà, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì sì ń fa mẹ́gábíìtì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fífà á sílẹ̀ nìkan á gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, bí iná kò bá lọ. Kí wọ́n fi ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà kún un, àti ìgbà tí wọ́n ń tú u, àti ìgbà tí wọ́n ń to ètò sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹgbẹ́ tó rò pé wákàtí méjì ló máa gba àwọn lè rí i pé ọjọ́ kan gbáko ni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, tí alága bá ti mọ̀ kó tó ṣèlérí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí ọjọ́ kan bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi ẹ̀dà kan sórí háàdì dísìkì nílé akọ̀wé, kí wọ́n má bàa gbára lé íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Wákàtí 18 tí GitLab lò, dísìkì tó lọ́ra ló jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò kan ṣoṣo ì bá ti fi bí dísìkì náà ṣe lọ́ra tó hàn.

Ìdánwò tí a ṣe lónìí ń sọ nípa ẹ̀dà tòní nìkan. Bí wọ́n bá gbé PostgreSQL sókè sí ẹ̀yà tuntun lóṣù tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀rí àtijọ́ ti di aláìwúlò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń pín in sí méjì. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ètò kan á fúnra rẹ̀ mú ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn, yóò tú u sínú dátábéèsì òfìfo, yóò béèrè nọ́ńbà mẹ́ta náà, yóò sì fi èsì ránṣẹ́. GitLab náà kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé àwọn máa ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa wọlé ni ìròyìn àṣeyọrí, pẹ̀lú nọ́ńbà nínú, kó dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí Mọ́ńdè bá dé tí ìròyìn kò dé, ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹni tó bá ń dúró de ìkìlọ̀ ìkùnà nìkan ti gbé ara rẹ̀ sí ipò tí àwọn ẹnjiníà GitLab wà nígbà tí wọ́n ń dá ímeèlì wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, bíi lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí èèyàn ṣe gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ìwé ìlànà, kọ̀ǹpútà òfìfo àti akápò.

Lára àwọn ìdánwò èèyàn wọ̀nyí, ó yẹ kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀dà tó ti pẹ́. Òṣìṣẹ́ kan lè ti pa àkọsílẹ̀ gbèsè kan rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láìsí ẹni tó fura. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀dà tó ń jáde ló pé, tó ṣeé tú, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti ọ́fíìsì mu, nítorí ọ́fíìsì gan-an ni kò pé. Bí ètò bá ń pa ẹ̀dà rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje, kò sí ibi tí àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá tọ́jú ẹ̀dà ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, tó sì tú ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn wò, á mọ̀ bóyá ẹ̀yà sọ́fítíwià tí wọ́n ń lò báyìí ṣì lè kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága, akápò àti olórí ilé-ìwé tí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn wà níkàáwọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín tọ́jú kọ̀ǹpútà bóyá ó ń ṣe bákọ́ọ̀pù. Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹ ní kó mú ìwé ìdánwò tó kẹ́yìn wá: ọjọ́ tí wọ́n tú ẹ̀dà, orúkọ ẹni tó tú u, wákàtí tó gbà, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ìfọwọ́sí ẹni tó wo ojú ìwé náà. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí.